Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága àwọn tó ń ta bátìrì àti sólà ní apá Nyanya: ẹ jẹ́ ká yọ ìlà pupa yẹn kúrò lórí rìsíìtì

Alhaji Alága, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, mo kí yín o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn Àbújá yìí, ẹ kú ìṣẹ́jú. Ọmọ yín ni mí, ọmọ Ọ̀ffà tó ti ń gbé Karu láti ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe, bátìrì tó wà nílé mi gan-an ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín ni mo ti rà á, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí dòní. Torí náà ẹ má rò pé ọ̀tá yín ló jókòó tó ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ ìlà kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì yín, èyí tẹ́ ẹ fi yíǹkì pupa tẹ̀, pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, a kì í dá owó padà. Rìsíìtì mẹ́rin ni mo ní lọ́wọ́ báyìí láti ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlà yẹn wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi bíi pé ọ̀dọ̀ ẹni kan náà lẹ ti lọ tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín ìdí tí ìlà yẹn ò fi ní agbára tẹ́ ẹ rò pé ó ní, àti ìdí tó fi ń ṣe ẹ̀yin gan-an níjàǹbá, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi ìlà míì rọ́pò ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí mi. Ẹja tútù ni wọ́n ń tà, panla, kòtè, ṣàwá, títùs, fírísà ńlá méjì ni wọ́n ní nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Nẹ́pà ò burú lọ́sàn-án ládùúgbò wọn, àmọ́ tó bá ti di aago méje alẹ́ wọ́n á mú un lọ, ó di aago mẹ́fà àárọ̀ kí wọ́n tó mú un dé, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì ń tàn látalẹ́ mọ́jú, owó epo wá ń jẹ èrè tán. Ni ẹnì kan bá ní kí wọ́n ra ínfátà. Wọ́n wá sí ọjà yín. Kí wọ́n tó wá gan-an wọ́n ti kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lórí Wọ́sáàpù, mo gbọ́ ohùn náà fúnra mi, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bùrọ̀dá, fírísà méjì ni mo ní o, ẹja ni mo ń tà, àtaago méje alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀ ni mi ò ní iná, èmi ò mọ nǹkan kan nípa bátìrì, ẹ bá mi wo èyí tó máa gbé e." Ó sì dáhùn pé, "Màámi, ẹ má wòrí rárá, ínfátà kan, bátìrì 200 áńpù kan, ó máa gbé e dé àárọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọ́n san ₦320,000 lórí bátìrì nìkan, owó ínfátà lọ́tọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n wá bá wọn so ó. Ní òru ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago méjìlá, ínfátà ké, gbogbo ẹ̀ kú. Wọ́n rò pé bóyá kò tíì gba iná tó. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n jẹ́ kó gba iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀, aago méjìlá ku díẹ̀, ó tún kú. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ilé ìjọsìn ni wọ́n wà, àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n wá ṣí fírísà, páálí panla méjì ti yọ́, omi ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn jáde lábẹ́ páálí, òórùn ti yí padà. Wọ́n dà á nù.

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà. Ọmọkùnrin yẹn ò bú wọn o, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó tẹ̀lé wọn dé ṣọ́ọ̀bù ẹja wọn, ó mú mítà jáde, ó fi kan orí bátìrì, mítà kà 12.7. Ó ní, "Màámi, ẹ wò ó, bátìrì yín pé, kò sóhun tó ṣe é." Ó wá fọwọ́ tọ́ka sí ìlà pupa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí lójú tiẹ̀.

Alhaji, ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi rèé. Òótọ́ ló sọ. Bátìrì náà ò ní àrùn kankan. Bátìrì tuntun ni, oríṣi onítúbúlà tó dáa, ìwọ̀n ẹ̀ sún mọ́ 60 kílò bó ṣe yẹ kó rí. Síbẹ̀ Àǹtí mi ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí wọ́n sì gba gbogbo owó wọn. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ni pé ṣé ọjà yìí bàjẹ́ àbí kò bàjẹ́. Méjì ni. Àkọ́kọ́, ṣé ọjà náà dára tó bó ṣe yẹ kí irú ẹ̀ dára? Ìkejì, ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà sọ fún yín pé òun torí ẹ̀ wá? Ọjà lè yege nínú ti àkọ́kọ́ kó fìdí rẹmi pátápátá nínú ti ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bátìrì fóòtì 12, áńpù 200, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ síra, 2,400 ló fún yín ní wáàtì fún wákàtí kan. Àmọ́ irú bátìrì yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ fún wa pé ká má fà á kọjá ìdajì, torí kó má baà tètè kú, ọmọkùnrin yẹn sì ti sẹ́ẹ̀tì ínfátà náà kó gé e nígbà tó bá ku ìdajì, ohun tó dáa ló ṣe. Ó ku 1,200. Ínfátà náà máa jẹ tiẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ku 1,000 tó máa dé ọ̀dọ̀ fírísà. Fírísà kọ̀ọ̀kan ń fa 200 wáàtì nígbà tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kọ́mpúrẹ́sọ̀ máa ń sinmi, ká ní ìdajì àkókò ló fi ń ṣiṣẹ́, á jẹ́ pé 100 ni kọ̀ọ̀kan ń jẹ láàárín wákàtí kan, méjèèjì jẹ́ 200. Ẹ fi 200 pín 1,000. Wákàtí márùn-ún. Láti aago méje, márùn-ún kà dé aago méjìlá òru géérégé, ìgbà tó ń kú náà nìyẹn. Wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n sì sọ fún un pé àwọn fẹ́, 2,200 nìyẹn, bátìrì méjì ò tíì fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, mẹ́ta ló gbé e. Ìṣírò tí ọmọ iṣẹ́ yín lè ṣe lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú méjì ni.

Kí ni òfin wá sọ? Òfin Ọjà Títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1893 la ṣì ń lò níhìn-ín ní Àbújá, ó ti gbó àmọ́ ó ṣì ń jẹ́. Abala 14 ẹ̀ ló fi àdéhùn méjì sínú ọjà, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ la ẹnu sọ wọ́n, bí wọn ò tiẹ̀ sí lórí rìsíìtì. Ọ̀kan nínú wọn ni pé tí oníbàárà bá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tó sì hàn pé ìmọ̀ yín ló gbẹ́kẹ̀ lé, tó sì jẹ́ irú ọjà tẹ́ ẹ máa ń tà nìyẹn, a jẹ́ pé ẹ ti bá a dá májẹ̀mú pé ọjà náà máa yẹ fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ tún wo ohùn orí Wọ́sáàpù yẹn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wákàtí tí wọ́n fẹ́, "èmi ò mọ nǹkan kan nípa bátìrì", "ẹ bá mi wo èyí tó máa gbé e". Ká ní èmi lọ́yà ni mo jókòó kọ ọ́ fún wọn ni, mi ò lè kọ ọ́ kó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdéhùn kejì ni ti ọjà tó dára tó, pé ọjà tẹ́ ẹ pè ní báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè gbà tọwọ́tẹsẹ̀ ní iye yẹn. Ìyẹn ò nílò kí oníbàárà sọ nǹkan kan fún yín. Aládùúgbò mi kan ra ohun tí wọ́n kọ 200 áńpù sí lára, fáànù kan àti tẹlifíṣọ̀n kan ló fi sí, kò lo wákàtí méjì. Ìgbà tá a gbé e lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò sìmẹ́ńtì, kílò 38 ni. Èdídì tuntun, inú ẹ̀ kékeré. Kò sí àlàyé tẹ́ ẹ máa ṣe lórí ìyẹn, ó sì ń dùn mí pé irú ẹ̀ wà lọ́jà yín, àmọ́ mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ò sí nídìí ẹ̀, mo sì máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin kan á sọ pé òfin 1893 yẹn kan náà ló gbà pé kí ẹni méjì fẹnu kò láti yọ àdéhùn wọ̀nyẹn kúrò, pé ohun tí ìlà pupa náà sì ṣe nìyẹn. Ẹ ò purọ́, òfin àtijọ́ fàyè gbà á. Àmọ́ Òfin Ìdíje Ọjà àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, ti dé sórí ẹ̀. Abala 122 sọ ọ́ gbangba pé tí oníbàárà bá ti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tó sì hàn láàárín àkókò tó bójú mu pé ọjà náà ò yẹ fún iṣẹ́ ọ̀hún, ó lè dá a padà kó sì gba owó ẹ̀ pé. Abala 131 ní ẹ̀tọ́ oníbàárà ni kí ọjà dára, kó ṣiṣẹ́, kó má ní àbùkù, kó sì lálòpẹ́ níwọ̀n tó yẹ. Abala 129 wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, pé ẹnikẹ́ni tó ń tajà ò gbọdọ̀ fi àdéhùn kankan gba ẹ̀tọ́ tí òfin yìí fún oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìlà pupa yín nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé iwájú àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Àbújá níbí tàbí iwájú adájọ́, kò ní gbà yín sílẹ̀.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yín ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣebí ẹja ni Àǹtí mi ń tà, ọlọ́jà làwọn náà, báwo ni wọ́n ṣe wá di oníbàárà lójú òfin 2018 yẹn. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó ra ọjà láti tún un tà, tàbí láti fi ṣe ọjà míì jáde bíi ti fákìtìrì, òun ni òfin yẹn yọ sílẹ̀. Àǹtí mi ò ra bátìrì láti tún un tà, wọn ò sì fi bátìrì ṣe ẹja. Àmọ́ ẹni tó bá ra bátìrì ogún lọ́wọ́ yín láti lọ tà á ní Láfíà, òfin 1893 ló máa lọ bá, kì í ṣe èyí.

Ọmọkùnrin yẹn tún ní àwáwí kan tó sọ fún mi nígbà tí mo lọ rí i, pé Àǹtí mi ló dárúkọ irú bátìrì yẹn nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dárúkọ ẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn tóun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ fún wọn. Òfin 1893 ní tí ẹnì kan bá wọlé tó ní orúkọ ọjà báyìí lòun fẹ́, òun ò fẹ́ òmíràn, ẹni tó tà á fún un ò dá májẹ̀mú pé ó yẹ fún iṣẹ́ kankan. Àmọ́ nínú ẹjọ́ kan ní ìlú Òyìnbó tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1925, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Baldry lọ bá ilé iṣẹ́ Marshall, ó ní òun fẹ́ ọkọ̀ tó rọrùn láti fi rìnrìn àjò, wọ́n ní kó ra Bugatti, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bugatti lòun ń rà. Ọkọ̀ náà ò rọrùn rárá. Kọ́ọ̀tù ní dídárúkọ tó dárúkọ ẹ̀ ò yí nǹkan kan padà, torí ìmọ̀ràn wọn ló tẹ̀ lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí mi gan-an rèé.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo oníbàárà tó bá ti gbé bátìrì padà wá ló jàre. Tí kò bá sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, tó kàn ní kẹ́ ẹ fún òun ní 200 áńpù, ẹ fún un ní 200 áńpù tó péye, ó tán. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un pé ọ̀kan ò lè gbé e, ó máa tó mẹ́ta, tó ní owó ọ̀kan lòun ní, kẹ́ ẹ ṣáà fún òun, kò gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ yín mọ́, ọrùn ẹ̀ ló wà. Tí àbùkù bá wà lára ẹ̀ tó fojú ara ẹ̀ rí kó tó gbé e, bí ara bátìrì tó ti fọ́, kò lè fi ìyẹn padà wá. Tó bá sì gbé e sílé lóṣù mẹ́jọ kó tó ráhùn, àkókò tó bójú mu ti kọjá láti dá ọjà padà, ohun tó kù fún un ni kó bèèrè owó ìpalára, òun ló sì máa fẹ̀rí hàn. Ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn pé kí wọ́n tètè padà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí wáyàmáànù míì tú nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tó máa wúlò fún yín jù. Nínú ẹjọ́ míì ní ìlú Òyìnbó, tí kọ́ọ̀tù dá lọ́dún 1939, obìnrin kan ra kóòtù tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, ara ẹ̀ wú, ó pe ẹni tó tà á fún un lẹ́jọ́. Ó jọ pé ó jàre, àmọ́ ó wá hàn pé ara tiẹ̀ ló yàtọ̀, ẹlòmíì wọ irú kóòtù yẹn nǹkan kan ò ní ṣe é, kò sì sọ fún wọn kó tó rà á. Ó pàdánù. Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ká ní rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fírísà Àǹtí mi ti ya, tí atẹ́gùn ń wọlé, tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ ò sinmi látalẹ́ mọ́jú, tí wọn ò sì sọ fún yín, tẹ́ ẹ ti ṣírò bátìrì mẹ́ta fún fírísà tó péye, àwọn ni wọ́n máa ru ẹrù yẹn. Mo lọ yẹ rọ́bà náà wò fúnra mi, mo ti ìwé náírà sáàárín ilẹ̀kùn mo sì fà á, kò yọ. Rọ́bà dáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yọrí sí nìyí. Ìgbà tí mo jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn gbọ́ ohùn òun fúnra ẹ̀, ó dákẹ́, ó ní òun máa gbà á padà. Ó gba bátìrì, ó san ₦320,000 pé. Páálí panla méjì yẹn ò sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé wọ́n lè bèèrè owó ẹ̀, torí ẹni tó mọ̀ pé ẹja ló wà nínú fírísà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tíná bá lọ. Àǹtí mi ní àwọn fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, àmọ́ ó dùn mí, torí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wọn ló bá páálí yẹn lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò le. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ rìsíìtì, ẹ yọ ìlà pupa, ẹ fi àyè méjì sípò ẹ̀. Ọ̀kan: ohun tí oníbàárà sọ pé òun fẹ́ fi ṣe, àti wákàtí mélòó. Ìkejì: ohun tí a gbà á nímọ̀ràn pé kó rà, àti èyí tó rà. Tẹ́ ẹ bá ní kó ra mẹ́ta tó sì ra ọ̀kan, ó ti wà lórí ìwé, ó buwọ́ lù ú, kò sẹ́ni tó máa wá fi Wọ́sáàpù halẹ̀ mọ́ yín. Tí ẹ kò bá sì mọ iye tó máa gbé e, ẹ ní kó lọ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn fírísà kó tó padà wá. Ẹni tó ń ta ojúlówó nínú yín, ìwé yìí ló máa gbà á lọ́wọ́ oníbàárà tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Mo ti ya bí rìsíìtì náà ṣe máa rí sórí pépà kan, mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé yín lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá, mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá àti Haúsá torí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n wá sí ìpàdé yín láti dáhùn ìbéèrè, ẹ pè mí, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọ̀ffà kan ní Karu